Káàdì mi àtijọ́ ní AA, èyí tuntun ní AC, AS sì ni àfẹ́sọ́nà mi

Àbẹ̀kẹ́21
Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará ilé. Láti ìgbà tí mo ti wọ ilé-ìwé girama ni káàdì mi ti ń sọ pé AA ni mí. AS ni àfẹ́sọ́nà mi, nítorí náà ọkàn wa balẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo lọ ṣe àyẹ̀wò míì, ni wọ́n bá ní AC ni mí. Ṣé jínótáìpù máa ń yí padà ni? Ṣé àìsàn ni AC? Àwọn ọmọ tí a fẹ́ bí wá ńkọ́?

Jagunlabí
Àbúrò, fọkàn balẹ̀. AS pẹ̀lú AS ló ń bí fòníkú-fọ̀ladìde. O ò ní S rárá, ibo lọmọ yín ti fẹ́ rí S méjì? Ẹ lọ máa múra ìgbéyàwó yín.

Ìyá Olóyè
Bí wọ́n ṣe dẹ́rù ba èmi náà nìyẹn nígbà yẹn. O+ ni mí, B- ni baálé mi, wọ́n ní ọmọ wa kò ní dúró. Mẹ́ta la bí, gbogbo wọn ló ti dàgbà. Má dá wọn lóhùn, ọmọ mi.

Ojú-Awò
Ìyá Olóyè, ẹ má bínú sí mi, mà. Ohun tí wọ́n ń wò kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀ síni lára lẹ ń sọ yẹn, ọ̀tọ̀ ni jínótáìpù. Ẹni tó jẹ́ O+ lè jẹ́ AA, ó sì lè jẹ́ SS, ọ̀kan kò mọ̀ sí èkejì.

Àbẹ̀kẹ́, inú láàbù ni mo ti ń jẹun láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, irú ẹjọ́ tìrẹ yìí kò ṣàjèjì sí mi. Jínótáìpù kì í yí padà. Èyí tí a gbà lọ́wọ́ bàbá àti ìyá nínú oyún náà la ó gbé dàgbà, àfi ẹni tí wọ́n bá pààrọ̀ mùdùnmúdùn eegun rẹ̀. Bí èsì méjì bá wá ń bára wọn jà, ọ̀kan ló ṣìnà. Ó sì lè jẹ́ pé wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn sí onítọ̀hún lára ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin ṣáájú àyẹ̀wò, nítorí ẹ̀jẹ̀ àgbàfà náà ṣì ń yí kiri lára rẹ̀. Ṣé wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ sí ọ lára rí? Báwo sì ni wọ́n ṣe ṣe tilé-ìwé yẹn, ṣé o rántí?

Àbẹ̀kẹ́21
Wọn ò fa ẹ̀jẹ̀ sí mi lára rí, ẹ̀gbọ́n. Ohun tí mo rántí ni pé a tò, wọ́n ń gún wa níka lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì tó wákàtí kan tí wọ́n fi pín káàdì fún gbogbo kíláàsì.

Ojú-Awò
Gbogbo kíláàsì, láàárín wákàtí kan! Ó ti yé mi.

Àyẹ̀wò inú ìgò nìyẹn. A máa kán ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sínú omi oògùn kan nínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́, a ó gbọ̀n ọ́n, a ó fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan, lẹ́yìn náà a ó gbé e síwájú bébà tí wọ́n fa ìlà dúdú sí. Bí S bá wà nínú ẹ̀jẹ̀ náà, omi yẹn á ṣú, ojú kò ní rí ìlà tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí S kò bá sí, omi á mọ́ gaara, ìlà á hàn kedere. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni àyẹ̀wò yìí mọ̀ ọ́n dáhùn: ṣé S wà àbí kò sí? Kò mọ C rárá. Ẹ̀jẹ̀ AA, AC àti CC, bákan náà ni gbogbo wọn á mọ́ gaara níwájú ìlà yẹn. Ẹni tó kọ káàdì rẹ rí i pé S kò sí, ó sì kọ AA. Ohun tó yẹ kó kọ ni “a kò rí S”.

Àdánù rẹ̀ kò mọ síbẹ̀. Bí omi bá ṣú, kò lè sọ bóyá AS ni ẹni náà tàbí SS tàbí SC. Mo ti rí ẹni tí wọ́n kọ AS fún látinú ìgò yìí, tó jẹ́ pé SC ló ti ń bá yí láti kékeré. Nítorí náà, ṣé o mọ irú àyẹ̀wò tí wọ́n fi pe àfẹ́sọ́nà rẹ ní AS?

Àbẹ̀kẹ́21
Èmi ò mọ̀ o. Èmi nìkan ni mo tún un ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní tòun ti dájú. Ohun tó wà lórí bébà tèmi rèé, mo dà á kọ bó ṣe wà: HPLC, A 58.1%, C 37.9%, A2 3.2%, F 0.8%.

Ojú-Awò
AC ni ọ́ lóòótọ́. A pọ̀ ju C lọ, bẹ́ẹ̀ ló sì yẹ kó rí lára ẹni tó gba A lọ́wọ́ òbí kan, tó gba C lọ́wọ́ òbí kejì. Inú mi dùn pé HPLC ni wọ́n lò, ẹ̀rọ tó ń ya irú hẹmoglóbíìnì kọ̀ọ̀kan, èròjà pupa tó ń gbé ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀, sọ́tọ̀, tó sì ń sọ iye rẹ̀ nínú 100. Ọ̀pọ̀ láàbù ló ń fi iná mànàmáná sún ẹ̀jẹ̀ lórí bébà: A á sáré jìnnà jù, S á tẹ̀ lé e, C á sì fà sẹ́yìn nítòsí ibi tí a ti kán ẹ̀jẹ̀ sí. Iṣẹ́ dáadáa nìyẹn náà, ṣùgbọ́n àwọn irú hẹmoglóbíìnì mìíràn wà tó máa ń dúró sójú kan náà pẹ̀lú C tàbí S lórí bébà yẹn, àfi kéèyàn fi ọ̀nà mìíràn wò ó kó tó lè yà wọ́n.

AC kì í ṣe àìsàn. Kò ní dùn ọ́, kò ní mú ẹ̀jẹ̀ rẹ gbẹ, o kò ní lo oògùn kankan nítorí rẹ̀. Ohun tí ó fi wúlò kí o mọ̀ ọ́n ni pé o lè fi C yẹn lé ọmọ lọ́wọ́.

Kí ọ̀gá náà tún tirẹ̀ ṣe. “Ó ti dájú” kì í ṣe èsì.

Jagunlabí
Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́, ṣùgbọ́n C kì í ṣe S. Bí ọmọ bá tiẹ̀ gba S lọ́wọ́ bàbá, tó gba C lọ́wọ́ ìyá, S kan péré ló ní. AS náà, S kan péré ló ní, kò sì ṣe é ní nǹkan kan. Kí ló wá yà wọ́n sọ́tọ̀?

Ojú-Awò
Ìbéèrè tó dára jù tí mo tíì rí níbí nìyẹn, Jagunlabí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdáhùn rẹ ti tẹ́lẹ̀ yẹn lè kó wọn sí wàhálà.

Ronú sí inú ẹyọ sẹ́ẹ̀lì pupa kan lára AS. Hẹmoglóbíìnì ló kún inú rẹ̀ bámúbámú, nǹkan bí ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ A, nǹkan bí ogójì jẹ́ S. Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì yìí bá ti já ẹrù ọ́síjìn rẹ̀ sílẹ̀ tán, S máa ń fẹ́ so kọ́ra, kí wọ́n tò gbọọrọ bí ọ̀pá. Ọ̀pá yẹn ló ń ti sẹ́ẹ̀lì náà láti inú, tí á fi tẹ̀ bí dòjé. Ṣùgbọ́n A kì í fẹ́ bá wọn so ó, ó sì wà láàárín wọn tí ó ń dí wọn lọ́wọ́. Kí wọ́n tó rí ara wọn so tán, sẹ́ẹ̀lì ti padà dé ẹ̀dọ̀fóró, ó ti gba ọ́síjìn míì, wọ́n á tú ká.

Wá wo SC. Kò sí A kankan níbẹ̀ mọ́. Ìdajì S, ìdajì C. C fúnra rẹ̀ kì í bá wọn kọ́ ọ̀pá, ìwà mìíràn ló ní: ó máa ń jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì tú omi inú rẹ̀ dànù. Bí omi bá ti dínkù, inú sẹ́ẹ̀lì á fún, S tó wà níbẹ̀ á há mọ́ra wọn gádígádí, wọn kò sì ní pẹ́ so mọ́. S rẹ̀ kò pọ̀ tó ti SS, ibi tó wà ló há. Ìdí nìyí tí SC fi jẹ́ fòníkú-fọ̀ladìde nígbà tí AS kì í ṣe é. Ohun tó yẹ ká máa bi ara wa ni pé ṣé A wà níbẹ̀ tó lè dí S lọ́wọ́. Kéèyàn kàn máa ka iye S kò tó.

Akíntọ́lá_AS
Ẹ bá mi dá sí i, jọ̀ọ́. AS ni mí, orúnkún ń dùn mí gan-an bí òtútù bá mú. Ṣé AS mi ti ń di SS díẹ̀díẹ̀ ni?

Ojú-Awò
AS kì í di SS, bó ti wù kó pẹ́. Lọ jẹ́ kí wọ́n wo orúnkún náà fún ohun tó jẹ́ gan-an, kí o má gbé e ka AS lórí. Èyí tí AS lè fà kò wọ́pọ̀: kí ẹ̀jẹ̀ máa bá ìtọ̀ jáde láìsí ìrora, tàbí kí ẹni tó ń ṣe eré ìdárayá àṣejù nínú ooru láìmu omi dédé ṣubú lulẹ̀. Bí o bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ rẹ, má ṣe fi falẹ̀, lọ rí dókítà. Ìrora eegun ọjọ́ òtútù kò sí nínú rẹ̀. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé àyẹ̀wò inú ìgò yẹn náà ni wọ́n fi pè ọ́ ní AS, lọ tún un ṣe.

Olómi-Lọ́wọ́
Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí láti àárọ̀, mo ní n kò ní dá sí i. SC ni mí.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí kí n tó mọ̀. Láti kékeré ni ara ti máa ń ro mí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní làkúrègbé ni. Ojú mi kò pọ́n, n kò rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ mi máa ń wà ní nǹkan bí 33, nítorí náà kò sẹ́ni tó fura. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí tiro ni dókítà kan ní kí wọ́n ya àwòrán ìbàdí mi. Orí eegun itan tó wọnú ìbàdí ti ń kú, ẹ̀jẹ̀ kò dé ibẹ̀ dáadáa. Wọ́n wo jínótáìpù mi lọ́jọ́ náà: S 47, C 45, A kò sí rárá. Bàbá mi jẹ́ AS. Màmá mi “jẹ́ AA”, látorí káàdì bíi ti Àbẹ̀kẹ́ yìí gan-an.

Àwọn èèyàn máa ń sọ pé SC kò le tó SS. Lóòótọ́ ni ní ti àìtó ẹ̀jẹ̀, ìrora náà sì lè má wá lemọ́lemọ́. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n nípa ojú. Àwa SC ni iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹ̀yìn ẹyinjú máa ń bàjẹ́ fún jù, kì í sì í dunni, èèyàn kì í mọ̀ títí tí ẹ̀jẹ̀ á fi ya sínú ojú. Ọdọọdún ni wọ́n ń kán oògùn sójú mi tí wọ́n fi ń wo ẹ̀yìn rẹ̀. Lọ́dún kẹta ni wọ́n rí i níbi kan, wọ́n sì fi iná lésà dí i kó tó ya.

Jagunlabí
Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n. Mo kó ọ̀rọ̀ mi àkọ́kọ́ jẹ. Ṣùgbọ́n ìrètí ṣì wà fún wọn: ọ̀kan nínú mẹ́rin ni. Bí èyí àkọ́bí bá ti gba ti SC, àwọn mẹ́ta tó kù ti bọ́ nìyẹn.

Ìyá-Mẹ́ta
Ṣé ẹ fẹ́ mọ̀? AS ni mí, AS ni ọkọ mi. Àkọ́bí wa SS. Wọ́n sọ ohun tí o sọ yìí fún wa. Èkejì, SS. Ẹ̀kẹta ni AA.

Ojú-Awò
Ẹ kú ìtọ́jú wọn, mà.

Jagunlabí, oyún kì í rántí oyún. Mú àpò méjì. A àti C wà nínú àpò Àbẹ̀kẹ́, A àti S wà nínú àpò ọkọ. Nígbà oyún kọ̀ọ̀kan, wọ́n á kọ́kọ́ dá gbogbo rẹ̀ padà sínú àpò, kí kálukú tó tún mú ẹyọ kan láìwò. A àti A lè bọ́ síra, ọmọ á jẹ́ AA. A ìyá àti S bàbá, AS. C ìyá àti A bàbá, AC. C ìyá àti S bàbá, SC. Ọ̀nà mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan 25 nínú 100. SS kò sí níbẹ̀ rárá, níbi yìí ni Jagunlabí ti tọ̀nà. Ṣùgbọ́n SC wà, bí oyún ìkẹwàá bá sì dé, 25 náà ni.

Bí wọ́n bá wá bí ọmọ méjì ńkọ́? Kí èyí àkọ́kọ́ má jẹ́ SC jẹ́ 3/4, kí èkejì má jẹ́ ẹ jẹ́ 3/4, tí a bá so wọ́n pọ̀ ó di 9/16. Ìyẹn ni pé nínú 100 tọkọtaya bíi tiwọn tó bí ọmọ méjì-méjì, nǹkan bí 56 kò ní rí SC rárá, nǹkan bí 44 á rí ó kéré tán ọ̀kan. Bí ó bá jẹ́ ọmọ mẹ́ta, àwọn tí kò ní rí i á lọ sílẹ̀ sí nǹkan bí 42. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣi í kà nìyí: wọ́n gbọ́ “ọ̀kan nínú mẹ́rin”, wọ́n rò pé fún gbogbo ilé ni.

Àbẹ̀kẹ́21
44. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta.

Ìyá-Mẹ́ta, báwo lẹ ṣe ṣe ti ẹ̀kẹta? Ṣé ẹ kàn gbà á bó ṣe wá ni?

Ìyá-Mẹ́ta
Rárá o. A ti pinnu pé a ó mọ̀ kó tó dé. Ọ̀sẹ̀ kejìlá ni wọ́n ṣe é. Wọ́n ń fi ẹ̀rọ wo ọmọ lójú tẹlifíṣọ̀n bí wọ́n ṣe ti abẹ́rẹ́ gba ikùn mi wọlé, wọ́n sì mú bíńtín lára olóbì, wọn kò fọwọ́ kan ọmọ fúnra rẹ̀. Ó dùn mí bí ìgbà tí nǹkan oṣù bá ń fà mí nínú. Àwọn tó bá pẹ́ kí wọ́n tó lọ, omi tó yí ọmọ ká ni wọ́n ń fà, láti ọ̀sẹ̀ kẹẹ̀ẹ́dógún. Ẹ mọ̀ pé oyún lè bàjẹ́ nítorí rẹ̀, kò wọ́pọ̀ ṣùgbọ́n wọ́n ní ká fọwọ́ sí i pé a ti gbọ́.

Ohun tí n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀: ẹ̀jẹ̀ èmi àti ọkọ mi ni wọ́n kọ́kọ́ gbà, kí wọ́n lè mọ ohun tí wọ́n ń wá lára ọmọ. Fún ìwọ, Àbẹ̀kẹ́, bí wọ́n bá ń wá S nìkan nítorí pé káàdì rẹ sọ AA, wọ́n á rí S kan, wọ́n á ní AS lọmọ, wọ́n á sì kí ọ kú oríire.

Ohun kan ṣì kù tó ń ká mi lára. Àyẹ̀wò yẹn á sọ jínótáìpù fún ọ, kò ní sọ bí àìsàn náà ṣe máa le tó. Àwọn SS mi méjèèjì, inú mi kan náà ni wọ́n ti jáde: ọ̀kan kì í ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún nílé ìwòsàn, èkejì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbé ibẹ̀. Kí ló yẹ kéèyàn ṣe bí èsì bá jáde? Èmi àti ọkọ mi ò tíì fohùn ṣọ̀kan títí dòní lórí ohun tí à bá ṣe ká ní ẹ̀kẹta náà jẹ́ SS.

Jagunlabí
Bí mo bá jẹ́ ìwọ, Àbẹ̀kẹ́, máa tú u ká báyìí kí ìfẹ́ tó wọra jù. Kí wọ́n má bí ọmọ sínú ìyà.

Olómi-Lọ́wọ́
Jagunlabí, ọmọ yẹn ló ń bá ọ sọ̀rọ̀ yìí. Mo ń ṣiṣẹ́, mo lọ́kọ, mo sì máa ń rẹ́rìn-ín. Ìrora mi kì í ṣe irọ́, n kò sì ní sọ fún Àbẹ̀kẹ́ pé kó má bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n má máa fi mí dẹ́rù ba àwọn èèyàn.

Jagunlabí
Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Ojú tì mí.

Ojú-Awò
N kò ní sọ fún ọ pé kí o fẹ́ ẹ tàbí kí o má fẹ́ ẹ, kì í ṣe iṣẹ́ láàbù. Yàtọ̀ sí ti Ìyá-Mẹ́ta, ọ̀nà kan wà tí wọ́n ti ń so ẹyin àti àtọ̀ pọ̀ nínú àwo, tí wọ́n á yẹ ọlẹ̀ wò kí wọ́n tó gbé e sínú ìyá. Ó gba owó, ó gba sùúrù, ó sì lè má dúró nígbà àkọ́kọ́. Bí ẹ bá sì bí láìṣe èyíkéyìí nínú rẹ̀, kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ ní gìgísẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ tí ẹ bí i. Má jẹ́ kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò inú ìgò fún ọmọ tuntun o! F ló kún ara ọmọ jòjòló, S rẹ̀ kò tíì pọ̀ tó láti mú omi yẹn ṣú, wọ́n á ní kò sí nǹkan kan. HPLC ni kí ẹ béèrè fún. Bí èsì bá kọ FSC, SC ni, kí ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹ̀jẹ̀ kó tó pé oṣù méjì, kí ibà tàbí ìrora kankan tó dé.

Àbẹ̀kẹ́21
Mo padà dé. Ó gbà, ó lọ ṣe é lánàá. A 59.4, S 36.6, A2 3.3, F 0.7.

Ojú-Awò
AS gidi ni. Ẹ ti mọ ibi tí ẹ dúró nìyẹn.

Àbẹ̀kẹ́21
Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n. Ọmọ méjì ló fẹ́. Mo fi 9/16 yẹn hàn án, ó dákẹ́ títí, ó wá ní ṣé a lè bí ẹyọ kan. Mo ní n kò mọ̀. A ti gba ọjọ́ láti rí olùgbaninímọ̀ràn nípa jínótáìpù lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, bébà HPLC àwa méjèèjì la ó mú lọ, n kò ní mú káàdì dání.

Ojú-Awò
Ó dára bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn òbí rẹ ló fún ọ ní C yẹn. Ṣé o ní àbúrò?

Àbẹ̀kẹ́21
Mo ní ẹyọ kan, obìnrin. Ilé-ìwé kan náà la lọ. Káàdì AA kan náà ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, AS sì ni ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n pè é.